Ọdún kan ni mo ti ń san lóònù, kí ló dé tí gbèsè ò sọ̀kalẹ̀?

Tíṣà Arówómọlẹ̀:
Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́ nílé lóko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Ìparí ọdún 2024 ni mo yá mílíọ̀nù kan náírà ní báńkì, mo fi kan òrùlé ilé mi. Ọdún mẹ́rin la dá, ìyẹn oṣù 48. ₦39,578 ni wọ́n ń yọ lóṣooṣù nínú owó oṣù mi, láti Oṣù Kìíní 2025.

Lánàá mo lọ gba sitétímẹ́ǹtì. Inú kẹ̀kẹ́ ni mo ti ṣí i wò, ojú mi sì ṣókùnkùn. Mo ti san ₦474,936 lọ́dún kan gbáko. Gbèsè tí wọ́n kọ pé ó kù ni ₦871,905. Nínú owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì mílíọ̀nù, ₦128,095 péré ló dín nínú gbèsè. Níbo ni ìyókù gbà lọ? Ìyàwó mi ló ní kí n má tíì lọ pariwo ní báńkì, kí n kọ́kọ́ bi àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Sábó:
Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti rẹ́ yín jẹ. Èlé fúláàtì nìyẹn. Orí mílíọ̀nù kan tí ẹ kọ́kọ́ gbà ni wọ́n ṣì ń ka èlé sí títí di òní, bí ẹ tilẹ̀ ti san díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe bàbá mi nìyẹn nígbà tí wọ́n ra ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ kó ìwé yín, ẹ lọ bá wọn.

Àjílété Gidi:
Ẹ tètè yọ nọ́ńbà àwọn ẹbí yín kúrò lórí fóònù o! Àwọn lóònù orí fóònù yìí, tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán yín ránṣẹ́ káàkiri, ojú á tì yín.

Ìyá Bọ̀dé:
Àjílété Gidi, ẹ fara balẹ̀ kà á. Báńkì ni wọ́n wí. Inú owó oṣù ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ta ni yóò fi àwòrán ta?

Àgbà Lẹ́jà:
Tíṣà, ẹ kú ìnáwó òrùlé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi jókòó sídìí tábìlì lóònù kí n tó fẹ̀yìn tì, ìbéèrè yín yìí ló sì pọ̀ jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń bi mí. Kí n tó sọ ohunkóhun, nǹkan méjì ni mo fẹ́. Èlé mélòó ni wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn? Kí sì ni ìlà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú sitétímẹ́ǹtì yín wí?

Tíṣà Arówómọlẹ̀:
Ẹ ṣé, bàbá. 3% lóṣù ni wọ́n kọ, "lórí gbèsè tó bá kù". Ìlà mẹ́ta náà rèé:

Oṣù Kìíní: èlé ₦30,000, ojú owó ₦9,578, ó ku ₦990,422.
Oṣù Kejì: èlé ₦29,713, ojú owó ₦9,865, ó ku ₦980,557.
Oṣù Kẹta: èlé ₦29,417, ojú owó ₦10,161, ó ku ₦970,396.

Àgbà Lẹ́jà:
Ó dáa. Ọmọ Sábó, ohun tó ṣe bàbá yín lè jẹ́ fúláàtì lóòótọ́, àmọ́ ti Tíṣà yìí kọ́. Ẹ wo èlé yẹn dáadáa: ₦30,000, ₦29,713, ₦29,417. Ó ń sọ̀kalẹ̀. Bó bá jẹ́ fúláàtì ni, ₦30,000 ni yóò máa jẹ́ láti oṣù àkọ́kọ́ dé oṣù kejìdínláàádọ́ta, kò ní yẹ̀. Owó oṣooṣù Tíṣà ì bá sì wọn ju báyìí lọ: ₦20,833 fún ojú owó, ₦30,000 fún èlé, àpapọ̀ ₦50,833. ₦39,578 ni wọ́n ń yọ. Kò sí fúláàtì níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìṣirò náà ṣe ń lọ. Ní òpin oṣù àkọ́kọ́, mílíọ̀nù kan ṣì wà lọ́rùn yín. 3% mílíọ̀nù kan ni ₦30,000. Ìyẹn ni owó ìlò, ó di dandan kí wọ́n gbà á. Ẹ wá mú ₦39,578 wá. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ ₦30,000, kí ló kù? ₦9,578. Òun nìkan ló lè dín gbèsè kù. Oṣù tó tẹ̀ lé e, gbèsè ti di ₦990,422, nítorí náà èlé rẹ̀ fi ₦287 dín sí ti àkọ́kọ́, ₦287 yẹn sì bọ́ sórí ojú owó. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí. Owó oṣooṣù kì í yí padà, ohun tó ń yí padà ni bí wọ́n ṣe ń pín in sí méjì. Bí gbèsè ṣe ń dín ni èlé ń dín, bí èlé bá sì ti dín ni ojú owó ń gbà sí i. Ìbẹ̀rẹ̀ ló le jù, torí ìgbà yẹn ni gbèsè wúwo jù.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní Excel lórí fóònù lè yẹ iye tí wọ́n ń yọ wò:

```
=PMT(0.03, 48, -1000000)
```

39577.77 ni yóò gbé jáde. Báńkì fà á sókè di ₦39,578.

Ọmọ Sábó:
Mo gbọ́, bàbá. Mo gbà pé kì í ṣe fúláàtì. Àmọ́ ẹ má gbèjà wọn jù. Ohun tí mo mọ̀ ni pé báńkì kì í fọwọ́ kan ojú owó, àfi bó bá gba gbogbo èlé rẹ̀ tán. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń jẹ èèyàn níwájú.

Àgbà Lẹ́jà:
Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò ó bẹ́ẹ̀, mi ò sì dá wọn lẹ́bi, torí ojú tí ìwé náà fi ń wo èèyàn nìyẹn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé wọ́n gba gbogbo èlé tán ni, gbèsè kò ní dín kọ́bọ̀ kan lọ́dún àkọ́kọ́. Ó dín o, ó kàn ń rìn bí ìgbín ni. Wọn ò gba èlé oṣù tó ń bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ṣáájú. Èlé oṣù tó kọjá ni wọ́n ń gbà. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán: bí Tíṣà bá lówó tó sì san gbèsè tó kù tán lónìí, kò ní san èlé ọdún mẹ́ta tó kù.

Oṣù kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ìyẹn Oṣù Kejì 2027, ni ojú owó yóò kọ́kọ́ ju èlé lọ nínú ₦39,578 yìí. Gbèsè kò sì ní sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ ìdajì mílíọ̀nù àfi Oṣù Kẹjọ 2027, nígbà tí Tíṣà bá ti san fún oṣù 32 nínú 48. Lẹ́yìn ìyẹn yóò wá máa já lulẹ̀. Èlé oṣù tó kẹ́yìn pátápátá kò ní ju bí ₦1,150 lọ. Àpapọ̀ gbogbo owó tí wọn yóò ti yọ nígbà yẹn jẹ́ ₦1,899,744.

Ìyá Bọ̀dé:
Mílíọ̀nù kan di mílíọ̀nù méjì dín díẹ̀. Háà!

Bàbá Àgbà Òkè Ẹlẹ́rin:
Ẹ̀yin ọmọ, nígbà tí mo ka èyí, ìwọ̀fà ni mo rántí. Láyé àwọn bàbá wa, ẹni tó bá yáwó á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sọfà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, òun ni èlé. Ó lè ṣe é fún ọdún mẹ́wàá, iye tí wọ́n yá kò ní dín ẹyọ owó kan, àfi ọjọ́ tí wọ́n bá kó gbogbo rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan. Ti Tíṣà yìí fi díẹ̀ sàn ju ìyẹn lọ, àmọ́ ọdún kìíní yẹn, iṣẹ́ ìwọ̀fà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ìyá Elélùbọ́ Ọjà Jagun:
Ẹ má bínú o, èmi ò mọ Excel. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yáni lówó ní ọjà ni mo ti gba tèmi. ₦200,000, mò ń san ₦10,000 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 26. Wọ́n fún mi ní káàdì, wọ́n ń fi bírò sàmì sí i. Tèmi ń sọ̀kalẹ̀ dáadáa, mo ti san ìdajì, ìdajì ló sì kù. Ó jọ pé tèmi dáa ju ti báńkì Tíṣà lọ, àbí?

Àgbà Lẹ́jà:
Ìyá, ẹ kú ọjà. Mi ò fẹ́ bà yín nínú jẹ́. Ti yín ni fúláàtì tí Ọmọ Sábó ń pariwo. ₦10,000 lọ́nà 26 jẹ́ ₦260,000. Èlé ₦60,000 ni wọ́n lé e lórí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí wọ́n sì pín gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ìdí tó fi ń sọ̀kalẹ̀ tààrà lórí káàdì nìyẹn: káàdì náà ò fi èlé hàn yín rárá. Wọ́n á ní 5% lóṣù ni. Àmọ́ ní oṣù karùn-ún, ẹ ti dá èyí tó pọ̀ jù nínú owó wọn padà, èlé ₦200,000 lódindi lẹ ṣì ń san. Ká ní wọ́n ń kà á lórí èyí tó kù bíi ti Tíṣà, yóò sún mọ́ 9% lóṣù.

Ìwé tó ń ṣẹ̀rù ba Tíṣà ló ń sọ òótọ́ fún un. Káàdì yín rẹwà jù ú lọ, ṣùgbọ́n lóònù yín ló gbówó lórí jù.

Ìyá Elélùbọ́ Ọjà Jagun:
Hẹn. Mo gbọ́. Àmọ́ wọn ò béèrè owó oṣù tàbí onídùúró lọ́wọ́ mi, ọjọ́ kejì ni mo rówó gbà, iṣu ṣì wà lọ́jà.

Àgbà Lẹ́jà:
Òótọ́ lẹ sọ, ìyá. Mi ò ní kí ẹ má gbà á.

Tíṣà, mo ti ṣírò ti yín dé òpin, nǹkan kan ò sì bára mu. Tí ẹ bá san ₦39,578 lẹ́ẹ̀mejìlá láìpẹ́ lọ́jọ́ kankan, ₦864,069 ló yẹ kó kù. ₦871,905 lẹ sọ. ₦7,836 ló lé. Ṣé owó oṣù yín pẹ́ rí láàárín ọdún? Ẹ wo ibi tí èlé bá ti gòkè dípò kó sọ̀kalẹ̀.

Tíṣà Arówómọlẹ̀:
Bàbá, àfi bíi pé ẹ wà níbẹ̀! Owó oṣù wa ti Oṣù Keje 2025 ò wọlé, ìparí Oṣù Kẹjọ ni wọ́n san méjèèjì pọ̀. Báńkì sì yọ ti oṣù méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo rò pé a ti parí ìyẹn. Lóòótọ́, èlé Oṣù Kẹjọ ga ju ti Oṣù Keje lọ.

Àgbà Lẹ́jà:
Ibẹ̀ ni apá kan rẹ̀ wà. Ní Oṣù Keje, ẹ ò san nǹkan kan, èlé oṣù yẹn sì gun orí gbèsè. ₦938,046 di ₦966,187 lóru ọjọ́ kan. Ẹ rántí pé Oṣù Kẹta ni gbèsè yín wà ní ₦970,396. Oṣù kan ṣoṣo tí owó ò wọlé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá yín padà sí Oṣù Kẹta. Nígbà tí ẹ san méjì ní Oṣù Kẹjọ, ẹ dí èyí tó pọ̀ jù nínú ihò náà, àmọ́ èlé oṣù kan lórí ₦39,578 tó pẹ́ yẹn jẹ́ ₦1,187, òun náà sì ń bí èlé lóṣooṣù. Ní òpin ọdún ó ti di ₦1,336.

Ẹ yọ ₦1,336 nínú ₦7,836. ₦6,500 géérégé ló kù. Èlé kì í sáábà jáde géérégé bẹ́ẹ̀. Ó jọ owó tí ẹnì kan fọwọ́ tẹ̀ síbẹ̀: owó ìtanràn ni, tàbí owó ìbánigbófò, tàbí nǹkan mìíràn. Mi ò lè mọ̀ láti ibi tí mo jókòó sí.

Onímọ́tò Ọ̀yọ́:
Tíṣà, ẹ tún wo ìwé àdéhùn yín bóyá wọ́n kọ pé èlé lè yí padà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú èmi. Mo yá owó fi ra bọ́ọ̀sì ní 2023. Ní 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ń gbé èlé rẹ̀ sókè ṣáá, láti 18.75% ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí tó fi di 27.5% ní Oṣù Kọkànlá. Báńkì tèmi kọ lẹ́tà sí mi pé àwọn náà ti gbé tiwọn sókè. Owó tí mò ń san lóṣù ò yí padà, inú mi dùn, mo ní Ọlọ́run ló ṣe é. Àṣé ọdún tí màá fi san án ni wọ́n ń fà gùn. Oṣù kan wà tí gbogbo owó tí mo san, ₦2,000 péré ló fọwọ́ kan ojú owó. Mo wá ń wakọ̀ Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn fún èlé.

Àgbà Lẹ́jà:
Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé wọ́n gbé ti Tíṣà láti 3% sí 3.5% lórí ₦864,069, èlé oṣù kan yóò di ₦30,242. Yóò kọjá ti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó gba lóònù, pẹ̀lú gbogbo ohun tó ti san. Àmọ́ bí mo ṣe yẹ ìlà tó fi ránṣẹ́ wò, 3% ló ṣì wà.

Tíṣà Arówómọlẹ̀:
Ẹ ṣeun gan-an, ara mi ti balẹ̀ díẹ̀. Ìbéèrè mìíràn: àjọ yóò kàn mí lóṣù yìí, ₦150,000. Ṣé kí n kó o lọ sórí lóònù yìí, àbí kí n fi sílẹ̀?

Ìyá Elélùbọ́ Ọjà Jagun:
Ẹ fi ra iṣu gbígbẹ nísinsìnyí tó pọ̀ lọ́jà. Tó bá di oṣù karùn-ún, èlùbọ́ á ti gbówó lórí. Ẹ máa rí èrè ju báńkì lọ.

Àgbà Lẹ́jà:
Ìyá mọ ọjà wọn, èmi ò mọ èlùbọ́. Àmọ́ èrè wọn gbọ́dọ̀ kọjá 3% lóṣooṣù láìyẹ̀, kókòrò ò sì gbọ́dọ̀ wọ àpò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ₦150,000 yóò ṣe lórí lóònù, kí ẹ wá yàn. Màá fi ₦864,069 ṣírò, kí ìyókù má dà wá láàmú.

Tí ẹ bá san án sórí ojú owó lónìí, tí ẹ sì ń san ₦39,578 yín lọ bó ṣe wà, dípò oṣù 36 tó kù, ẹ ó san fún 26, ẹ ó sì fi nǹkan bí ₦14,500 parí rẹ̀ ní oṣù kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ₦150,000 yín kúrò, ẹ ti bọ́ lọ́wọ́ èlé tó lé ní ₦231,000.

Ibi tí mo ti ń rí àṣìṣe rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sáré kà á kọjá. Tí ẹ bá kàn gbé owó lọ tí ẹ ní "ẹ fi sórí lóònù mi", nǹkan mẹ́ta ló lè ṣẹlẹ̀. Wọ́n lè fi pamọ́ sínú àkáǹtì yín kí wọ́n máa yọ owó oṣù tó ń bọ̀ nínú rẹ̀. Ìyẹn ò dín èlé kankan. Wọ́n lè fi dín ojú owó kù, kí wọ́n wá tún owó oṣooṣù ṣírò fún oṣù 36 kan náà. Yóò di ₦32,707. Èyí dára fún ẹni tí oúnjẹ ilé ń há fún, àmọ́ nǹkan bí ₦97,000 péré ni ẹ ó rí fi pamọ́. Èyí tí mo sọ tẹ́lẹ̀ ni ẹ̀kẹta: kí iye oṣooṣù dúró, kí oṣù dín. Owó kan náà ni, ọjọ́ kan náà, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì ju ₦130,000 lọ. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, kí wọ́n bá yín lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Tó bá di ìparí oṣù, ẹ gba sitétímẹ́ǹtì, kí ẹ wo bóyá ojú owó já lulẹ̀ lóòótọ́.

Ọmọ Sábó:
Wọn ò ní gba ìtanràn pé ó fẹ́ san án ṣáájú ọjọ́?

Tíṣà Arówómọlẹ̀:
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ìwé náà wò. Ojú ewé kẹta, lẹ́tà kéékèèké: 2% lórí owó tí mo bá san ṣáájú.

Àgbà Lẹ́jà:
2% ₦150,000 jẹ́ ₦3,000. Ẹ san án.

Ìyá Bọ̀dé:
Ẹ̀yin ò tíì sọ̀rọ̀ ₦6,500 yẹn tán o. Mo mọ ẹnì kan tí wọ́n dá ₦9,000 padà fún nígbà tó béèrè, torí wọn ò kọ ọ́ sínú àdéhùn rẹ̀.

Àgbà Lẹ́jà:
Ẹ má bá wọn jà. Ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí ₦6,500 náà sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ibi tó wà nínú àdéhùn hàn yín. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà wà ní Báńkì Àpapọ̀, ẹ lè kọ̀wé sí wọn. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ kọ ti báńkì yín, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Tíṣà Arówómọlẹ̀:
Mo lọ lónìí. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì wò ó títí, ó ní òun náà ò mọ ₦6,500 yẹn, ó ní kí n padà wá ní Ọjọ́bọ̀ tí ọ̀gá òun bá dé láti Ìbàdàn. Mo ti fi lẹ́tà sílẹ̀, wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí tèmi. Lẹ́tà ti ₦150,000 ni mo ń kọ lọ́wọ́ báyìí, àmọ́ ìyàwó mi ní òun ń ronú ọ̀rọ̀ èlùbọ́ yẹn.

Ìyá Elélùbọ́ Ọjà Jagun:
Ẹ ní kí wọ́n wá bá mi ní ìsọ̀. Bàbá Lẹ́jà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀sẹ̀ 13 ló kù fún mi. Tí mo bá san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé wọ́n á yọ èlé tó kù fún mi?

Àgbà Lẹ́jà:
Nínú fúláàtì, àfi tí wọ́n bá fẹ́ ṣojú àánú. Ẹ yí ẹ̀yìn káàdì yẹn padà, kí ẹ ya fọ́tò ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ fún mi.